Akọni mi ń hàn lórí ewé igi nígbà tó yẹ kí igi bò ó

ọmọ_píkísẹ́lì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mò ń fi LÖVE ṣe géèmù kan tí èèyàn ń wò láti òkè, akọni mi ń rìn kiri nínú igbó. Wàhálà mi rèé: tí akọni bá gba ẹ̀yìn igi kọjá, ṣe ló máa ń hàn lórí ewé bíi pé ó gun igi. Mo wá yí i padà, mo ní kó ya akọni kó tó ya igi, ìyẹn yanjú ti ẹ̀yìn igi, àmọ́ tó bá ti wá dúró níwájú igi báyìí, igi á bo orí àti àyà ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí méjèèjì á fi tọ̀nà? Kóòdù tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó yí i padà, nìyí:

```lua
function love.draw()
  for _, t in ipairs(igi) do
    love.graphics.draw(t.img, t.x, t.y)
  end
  love.graphics.draw(akoni.img, akoni.x, akoni.y)
end
```

Ṣọlá_K

Ohun tó fà á ni pé igi ẹ ò ní àpótí ìdènà. Akọni ń wọ inú igi lọ ni, ìyẹn ló fi ń hàn lórí ewé. Fi àpótí ìdènà yí gbogbo àwòrán igi náà ká, kò ní lè débẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

ọmọ_píkísẹ́lì

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Àpótí ìdènà ti wà níbẹ̀, ìdí igi nìkan ni mo fi sí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni torí mo fẹ́ kó lè gba ẹ̀yìn ewé kọjá kó sì fara pamọ́ síbẹ̀. Tí mo bá fi dí gbogbo igi pátá, kò ní sí ibi tó máa sá sí mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni géèmù yẹn ti dùn.

Táyọ̀_eré

Má yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó akọni àti igi àti gbogbo nǹkan tó bá dúró lórí ilẹ̀ sínú tébù kan ṣoṣo, kó o fi y tò wọ́n kó o tó yà wọ́n. Èyí tí y ẹ̀ kéré wà lókè sìkíríìnì, ó jìnnà sí wa, òun la ó kọ́kọ́ yà. Èyí tí y ẹ̀ pọ̀ wà nísàlẹ̀, ó sún mọ́ wa, òun la ó yà kẹ́yìn kó lè bo ti ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, kò tíì yọ mí lẹ́nu rí.

```lua
table.sort(ohun, function(a, b) return a.y < b.y end)
for _, o in ipairs(ohun) do
  love.graphics.draw(o.img, o.x, o.y)
end
```

ọmọ_píkísẹ́lì

Mo ti dán an wò báyìí. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an, tí akọni bá lọ sókè réré igi ń bò ó, tó bá wá sísàlẹ̀ réré ó ń bo igi, àmọ́ àárín méjèèjì ṣì burú. Ó níbì kan lẹ́yìn igi tó bá dé báyìí, á kàn déédéé fò jáde sórí ewé nígbà tí kò tíì kúrò lẹ́yìn igi. Mo ní kó tẹ nọ́ńbà jáde fún mi lásìkò tó ṣẹlẹ̀: igi wà ní y = 100, akọni wà ní y = 150. Igi ga ní píkísẹ́lì 96, akọni ga ní 32.

Nǹkan kejì, torí pé Táyọ̀ ní kí n kó gbogbo nǹkan sínú tébù, mo kó táìlì ilẹ̀ náà sí i, ni ilẹ̀ bá ń gé akọni lẹ́sẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan.

Àgbà_kóòdù

Ọ̀nà tí Táyọ̀ júwe dáa, ibi tó ti wọn nǹkan ni kò dáa. LÖVE máa ń ka y láti òkè wálẹ̀, tó o bá sì pe `love.graphics.draw` bó o ṣe pè é yìí, y yẹn kì í ṣe ibi tí nǹkan dúró sí, igun òkè lápá òsì àwòrán ni. Fún igi, orí ewé nìyẹn. Fún akọni, àtàrí ẹ̀ ni. Orí igi àti orí èèyàn lò ń fi wéra, orí kọ́ ló sì ń sọ ta ló wà níwájú. Ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́, ibi tí nǹkan ti kan ilẹ̀.

Mú nọ́ńbà tó o kọ yẹn ká jọ ṣe é. Orí igi wà ní 100, gíga ẹ̀ jẹ́ 96, ìdí igi á wà ní 196. Orí akọni wà ní 150, gíga ẹ̀ jẹ́ 32, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wà ní 182. 182 kéré sí 196, ìyẹn ni pé akọni dúró sí òkè ìdí igi, ẹ̀yìn igi ló wà, òun ló yẹ kó o kọ́kọ́ yà kí igi wá bò ó. Àmọ́ orí ni kóòdù ń wò, ó rí 100 àti 150, ó ní igi ló jìnnà jù, ó ya igi, ó wá ya akọni lé e lórí. Ohun tójú ẹ ń rí nìyẹn.

Wo bí àṣìṣe yẹn ṣe fẹ̀ tó. Ó yẹ kí ìyípadà ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ akọni bá dé 196. Pẹ̀lú orí tó ń wò, ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orí akọni bá dé 100, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wà ní 132 nígbà yẹn. Láti 132 títí dé 196, píkísẹ́lì 64 gbáko, lo máa fi rí i lórí ewé. 64 yẹn ni gíga igi tó o bá yọ gíga akọni kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yọ Táyọ̀ lẹ́nu rí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo àwòrán inú géèmù ẹ̀ ga bákan náà. Tí gíga bá dọ́gba, bó o fi orí tò ó, bó o fi ẹsẹ̀ tò ó, ibì kan náà lo máa já sí.

Báyìí ni kó o ṣe é:

```lua
table.sort(ohun, function(a, b)
  return a.y + a.h < b.y + b.h
end)
```

Ti táìlì ilẹ̀, yọ ọ́ kúrò nínú tébù yẹn kíákíá. Ilẹ̀ ò lè wà níwájú ẹnikẹ́ni, kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú títò. Ya gbogbo ilẹ̀ tán pátápátá, pẹ̀lú òjìji àti àbàwọ́n àti ohunkóhun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà kó o wá ya tébù tó o tò. Táìlì tó ń gé e lẹ́sẹ̀ yẹn ni èyí tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an: orí táìlì yẹn wà nísàlẹ̀ ju orí akọni lọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà sì máa ń kọjá ẹsẹ̀ akọni díẹ̀, bó o fi orí tò ó, bó o fi ẹsẹ̀ tò ó, kóòdù á rò pé táìlì ló wà níwájú.

Táyọ̀_eré

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n, 16 lọ́nà 16 ni gbogbo tèmi, igi, òkúta, èèyàn, gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń gbà mí sílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ fi ilé gíga kan sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti rí ohun tí ò bá ṣẹlẹ̀ sí mi.

ọmọ_píkísẹ́lì

Ó ṣiṣẹ́!! Mo fi akọni yí igi ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò fò jáde mọ́. Ó kù díẹ̀ báyìí tí mi ò mọ̀ bóyá ojú mi ni. Tí mo bá wá síwájú igi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ìdí ẹ̀, igi ṣì ń bò mí fún bí ìṣísẹ̀ méjì kó tó jọ̀wọ́ mi. Ó kéré, àmọ́ mo ń rí i, kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

Adùn_ayàwòrán

Kì í ṣe ojú ẹ. Ṣí fáìlì igi yẹn kó o wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Èmi ni mò ń ya àwòrán fún ẹgbẹ́ wa, mo mọ àṣà àwa ayàwòrán: a máa ń fi àyè òfìfo sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán, tàbí ká ya koríko díẹ̀ tàbí gbòǹgbò sí ìdí igi kó lè dùn ún wò. `a.y + a.h` ń mú ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì ni, kì í ṣe ìsàlẹ̀ igi. Tí koríko yẹn bá jẹ́ píkísẹ́lì 10, ìdí igi gangan wà ní 186, kì í ṣe 196, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wà ní 190 ti wà níwájú igi pátápátá àmọ́ kóòdù ẹ á ní ó ṣì wà lẹ́yìn.

Ohun tá a ṣe nínú tiwa ni pé a kì í lo gíga fáìlì rárá. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ojú ẹsẹ̀ tiẹ̀ tí èmi ayàwòrán fúnra mi yàn, mo máa kọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ kóòdù: igi yìí, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ wà ní 32 sọ́tùn-ún, 86 sísàlẹ̀. Òun á wá jẹ́ kí x àti y jẹ́ ojú ẹsẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀. Fọ́ńṣọ̀n tó ń yàwòrán nínú LÖVE ní àyè fún un, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú ìlà yìí:

```lua
love.graphics.draw(o.img, o.x, o.y, 0, 1, 1, o.ox, o.oy)
```

Tó o bá ti ṣe é báyìí, títò á padà di `a.y < b.y` tí Táyọ̀ kọ lákọ̀ọ́kọ́, torí pé y ti di ẹsẹ̀ báyìí. Ó tún gbà ẹ́ lọ́wọ́ nǹkan míì tó ò tíì bá pàdé: tí akọni bá gbé idà sókè, fíréèmù yẹn á ga ju èyí tó fi ń rìn lọ, tàbí kí eruku tó ń sọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ mú kí fíréèmù gùn sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ gíga lò ń fi tò ó, akọni á máa fò síwájú fò sẹ́yìn bí fíréèmù ṣe ń yí. Ojú ẹsẹ̀ kì í yí.

Àgbà_kóòdù

Ohun tí Adùn sọ ló dáa jù, ju tèmi lọ. Kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kó o sì tó sọ pé ó ti tán, fi àmì pupa kékeré sí ojú ẹsẹ̀ gbogbo nǹkan, kó o yà á lẹ́yìn gbogbo ẹ̀:

```lua
love.graphics.setColor(1, 0, 0)
for _, o in ipairs(ohun) do
  love.graphics.circle("fill", o.x, o.y, 2)
end
love.graphics.setColor(1, 1, 1)
```

Máa rìn kiri. Igi tí àmì ẹ̀ bá wà láàárín afẹ́fẹ́ tàbí lábẹ́ koríko, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kò dáa. Tí àmì bá wà níbi tó yẹ tí títò ṣì burú, kóòdù ni kó o lọ wò. Ó máa ń dín wákàtí púpọ̀ kù fún èèyàn. Má gbàgbé ìlà tó kẹ́yìn yẹn o, tó o bá fò ó, gbogbo géèmù ẹ á pupa ní fíréèmù tó tẹ̀ lé e.

Ìbídùn22

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́, Godot lèmi ń lò, ìṣòro kan náà ló ń ṣe mí àmọ́ èmi ò kọ títò kankan fúnra mi. Mo ti tan `y_sort_enabled` sórí òbí wọn, àwọn ọ̀tá ń tò dáadáa láàárín ara wọn, igi nìkan ló kọ̀, gbogbo ìgbà ló máa ń wà lórí gbogbo èèyàn. Mo ti pa á tàn á títí.

Adùn_ayàwòrán

Wo `z_index` igi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹ lójú pé o ti fi 1 síbẹ̀ nígbà kan tó ò ń gbìyànjú láti mú un wá síwájú. Àwọn tí `z_index` wọn bá dọ́gba nìkan ni Godot máa ń fi y tò, èyí tí tiẹ̀ bá ga jù á wà lókè láìka y sí. Dá a padà sí 0. Kó o sì wò ó bóyá ojú òdo igi náà wà ní ìdí ẹ̀, torí Godot máa ń fi àwòrán sí àárín ojú òdo ni tó ò bá sún un. Gbé àwòrán sókè nínú ẹ̀ kí ìdí igi bọ́ sórí ojú òdo yẹn.

Ìbídùn22

1 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo ti dá a padà, mo sì ti gbé àwòrán sókè. Ẹ ṣé gan-an ni sístà mi.

ọmọ_píkísẹ́lì

Mo ti gbé gbogbo nǹkan lọ sí ojú ẹsẹ̀, àmì pupa fi hàn pé òkúta méjì ò dáa, mo ti tún wọn ṣe. Igi, òkúta, akọni, gbogbo ẹ̀ dúró dáadáa.

Nǹkan tuntun tó wá yọjú rèé. Àwọn ọ̀tá mi máa ń tò sórí ìlà kan kí wọ́n tó kọlù mí, mẹ́fà ni wọ́n, y wọn dọ́gba gbáà, wọ́n sì ń fara kanra díẹ̀. Tí wọ́n bá ti dúró báyìí, àwọn ibi tí wọ́n ti bo ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìriwìri, eléyìí á bo tọ̀hún, tọ̀hún á bo eléyìí, ní gbogbo fíréèmù. Wọn ò sì rìn o, ṣe ni wọ́n dúró.

Kọ́lápọ̀_J

Ìyẹn ò le. Y wọn dọ́gba, `<` ò sì sọ nǹkan kan nípa èyí tó dọ́gba. Yí i sí `<=`, á mọ ohun tó máa ṣe.

ọmọ_píkísẹ́lì

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀, mo yí i, géèmù kú pátá. Ìgbà àkọ́kọ́ ó kọ `attempt to index local 'a' (a nil value)`, mo tún ṣí i, ó wá kọ `invalid order function for sorting`. Kò sì sí nil kankan nínú tébù mi, mo ti kà wọ́n.

Àgbà_kóòdù

Dá a padà sí `<` kíá. Ìbéèrè tí `table.sort` ń bi fọ́ńṣọ̀n yẹn ni pé ṣé ó di dandan kí `a` ṣáájú `b`. Tí `a` àti `b` bá dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn tó gbọ́dọ̀ gbà lọ́nà méjèèjì. `<=` ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lọ́nà méjèèjì, ó ń sọ pé `a` gbọ́dọ̀ ṣáájú `b`, `b` náà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú `a`. Bí títò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń rìn lọ nínú tébù, ó ń wá ẹni tí fọ́ńṣọ̀n máa ní kò gbọ́dọ̀ ṣáájú, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Tí fọ́ńṣọ̀n bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ṣáá, kò ní rí ibi dúró sí, á rìn kọjá òpin tébù. Níbi tó bá kọjá òpin ló ti rí nil tó o rí yẹn. Ìgbà míì ó máa ń tètè fura kó tó débẹ̀, á wá kọ èkejì.

Ti ohun tó fa ṣíṣẹ́jú: `table.sort` ò ṣèlérí pé òun á fi àwọn tó dọ́gba sílẹ̀ bí òun ṣe bá wọn. Ó lè gbé èyí sí ipò tọ̀hún, kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀. Tébù kan náà lo sì ń tò ní gbogbo fíréèmù, tó bá pààrọ̀ wọn ní fíréèmù yìí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ti pààrọ̀ ní fíréèmù tó tẹ̀ lé e, á tún pààrọ̀ wọn. Nígbà tí mo fi ohun méjì péré dán an wò mi ò rí i rárá, nígbà tí wọ́n pọ̀ ló fojú hàn, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìṣírò x àti y ni.

Fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ nígbà tó o bá dá a sílẹ̀, 1, 2, 3 báyìí lọ, kí ẹyọ kan má jọ ìkejì. Tí y bá dọ́gba, nọ́ńbà yẹn ni kó ṣe ìdájọ́:

```lua
table.sort(ohun, function(a, b)
  if a.y ~= b.y then return a.y < b.y end
  return a.id < b.id
end)
```

Kọ́lápọ̀_J

Mo gbà. Python ni mo fi ń ṣe tèmi, títò tiẹ̀ kì í yí àwọn tó dọ́gba padà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì rí ṣíṣẹ́jú yìí rí. Ẹ má bínú, ọmọ_píkísẹ́lì.

ọmọ_píkísẹ́lì

Kò sí wàhálà ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi `id` sí i, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ní ìbéèrè méjì. Akọni mi ń fò. Tó bá fò níwájú igi kan, bó ṣe ń lọ sókè báyìí, igi á bò ó, tó bá sọ̀kalẹ̀ á padà jáde. Èkejì, mo ní ọgbà kan tó dúró bí ògiri, tó sì dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwòrán kan ṣoṣo ni, kò síbi tí mo fi ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ sí tó tọ̀nà.

Táyọ̀_eré

Ti fífò mo mọ̀ ọ́n. O ń dín y kù nígbà tó bá fò ni, y yẹn sì ni ẹsẹ̀ tó o fi ń tò, kóòdù á rò pé ó ti rìn lọ sẹ́yìn igi. Ṣe kó o fi y sílẹ̀ bó ṣe wà, ilẹ̀ tó ti fò kúrò nìyẹn, kó o ní nọ́ńbà míì fún gíga tó fò, pè é ní z. Yà á ní `o.y - (o.z or 0)`, tò ó pẹ̀lú y nìkan. Òjìji ẹ̀ ń bẹ ní y, kò bá a fò.

Àgbà_kóòdù

Báyìí gan-an ni, Táyọ̀.

Ti ọgbà, kò lè sí ojú ẹsẹ̀ kan tó tọ̀nà, má wulẹ̀ wá a. Jẹ́ ká sọ pé ọgbà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní x 200, y 300, ó sì gòkè lọ dé x 360, y 220. Akọni dúró ní x 340, y 250. Níbi tí x jẹ́ 340 yẹn, ọgbà ti gòkè dé 230, akọni wà ní 250, ó wà níwájú ọgbà. Àmọ́ tó o bá fi ìsàlẹ̀ àwòrán ṣe ojú ẹsẹ̀, 300 ni, 250 kéré sí 300, ọgbà á bò ó. Tó o bá wá fi 220 ṣe é, ẹni tó wà lẹ́yìn ọgbà lápá òsì, ká ní ó wà ní x 210, y 280, á hàn lórí ọgbà, nígbà tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ọgbà wà ní 295. Nọ́ńbà kan ò lè dáhùn fún méjèèjì.

Gé e sí wẹ́wẹ́. Gbogbo ẹ̀ fẹ̀ ní 160, gé e sọ́nà márùn-ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní 32, á sì gòkè ní 16 péré. Fi ojú ẹsẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí àárín ìdí ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn lọ́tùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní 236 ó parí sí 220, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ á jẹ́ 228, akọni tó wà ní 250 á hàn níwájú ẹ̀. Àṣìṣe tó lè kù nínú ẹyọ kan ò ju píkísẹ́lì 8 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, tí ìdènà ọgbà ò bá sì jẹ́ kí akọni sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i. LÖVE ní `love.graphics.newQuad` tó o fi lè gé e láti inú fáìlì kan náà, kò sẹ́ni tó máa ní láti ya nǹkan tuntun.

Adùn_ayàwòrán

Àfikún kékeré: ká ní akọni fẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó lè dúró síwájú ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan, apá ẹ̀ á wà lẹ́yìn ọ̀kan, ìyókù á wà níwájú èkejì. Ní etí ọgbà wa ó máa ń hàn díẹ̀. A mú ìdènà ọgbà nípọn sí i, ó sì lọ.

Ṣọlá_K

Mo ti rí i báyìí pé mo ṣi ìbéèrè àkọ́kọ́ gbọ́, ẹ má bínú. Àmọ́ ìdènà tí mò ń sọ náà ṣì wúlò bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń fi àwọn àṣìṣe kéékèèké yìí pamọ́. Mo fẹ́ béèrè: ṣé títò gbogbo nǹkan ní gbogbo fíréèmù ò ní jẹ́ kí géèmù wúwo?

Àgbà_kóòdù

Òótọ́ ni ti ìdènà. Fún nǹkan ọgọ́rùn-ún mélòó kan, o ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Tí ayé géèmù ẹ bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi, àwọn tó wà nínú sìkíríìnì nìkan ni kó o kó sínú tébù kó o tó tò ó, àwọn tí ojú ò rí ò nílò ipò kankan. Wọ̀n ọ́n ná kó o tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ọmọ_píkísẹ́lì

Mo ti gé ọgbà sọ́nà márùn-ún, mo ti fi z sí fífò, gbogbo ẹ̀ ti dúró. Tébù mi kò ju nǹkan 140 lọ, kò wúwo.

Ọ̀kan ló kù: afárá. Akọni lè gba orí ẹ̀, ó sì lè gba abẹ́ ẹ̀. Tó bá wà lábẹ́, afárá gbọ́dọ̀ bò ó, tó bá wà lórí, òun gbọ́dọ̀ bo afárá, ojú kan náà sì ni ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nígbà méjèèjì, x kan náà, y kan náà.

Àgbà_kóòdù

Y ò lè yanjú ìyẹn. Èmi máa ń fún akọni ní ìpele, 0 fún ilẹ̀, 1 fún òkè, mo sì máa ń fi àmì tí ojú ò rí sí ẹnu afárá méjèèjì tó máa ń yí ìpele padà bó bá gba orí ẹ̀ kọjá. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ìpele tò, lẹ́yìn náà y, lẹ́yìn náà `id`.

Adùn_ayàwòrán

A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó mú wa wọ wàhálà míì: ẹni tó wà ní ìpele 1 lórí afárá máa ń bo igi gíga tó dúró níwájú afárá ní ìpele 0, nígbà tó yẹ kí igi bò ó. A padà gé afárá sí méjì ni, ilẹ̀ ẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀ bíi táìlì, ọgbà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan la ń tò, tí ẹnì kan bá sì wà lábẹ́, a máa yà á kí ilẹ̀ afárá tó dé. Gbogbo ìyókù ń lo y bó ṣe wà.

Àgbà_kóòdù

Òtítọ́ ni ti igi yẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ sí mi náà, mo kàn ń yẹra fún gbígbin igi sí iwájú afárá ni. Tí méjì bá wá wà nínú géèmù tiyín, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan lórí, tí igi sì tún wà níwájú àwọn méjèèjì, ó ṣì ń tọ̀nà?

Adùn_ayàwòrán

Ẹni tó wà lórí, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó wà lábẹ́, igi ń bò ó dáadáa. Àmọ́ tí ẹni tó wà lábẹ́ bá ti ń jáde, tí ìdajì ara ẹ̀ ti kúrò lábẹ́ afárá, ó ṣì máa ń gé fún bíi fíréèmù mélòó kan, a ò tíì rí ọ̀nà ẹ̀.

ọmọ_píkísẹ́lì

Màá dán ti Adùn wò lálẹ́ yìí pẹ̀lú àmì pupa, màá wá kọ ibi tó ti gé síbí.